Ọ̀sẹ̀ Tí Kọ́kọ́rọ́ Fírísà Wà Lọ́wọ́ Mi

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kì í sì í ṣe pé mo ń tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lónìí, n kò rò pé n óò ṣe é lọ́nà mìíràn, àfi níbì kan, n óò sì sọ ibẹ̀ bí mo bá débẹ̀.

Ilé ọkọ mi wà ní Bẹ́yẹrúnká, agboolé àtijọ́ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá sì wà lọ́tùn-ún lósì. Tíṣà ni mí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lápá Òkè Bọ́lá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù láàárọ̀, mo ti gbọ́dọ̀ jáde lọ wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ń wọlé. Télọ̀ ni ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ọjà'ba. Ọmọ méjì la bí, ebi sì máa ń pa àwọn méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀. N óò ra tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, n óò lọ̀ wọ́n, n óò bọ̀ wọ́n títí omi ara wọn á fi gbẹ, kí n tó dín in. Ẹran náà, n óò bọ̀ ọ́, n óò sì dín in gbẹ. Ti ọjọ́ Àìkú àti ti Mọ́ńdè á wà nínú ìkòkò. Túsìdeè, ẹ̀wà la máa ń jẹ. Ti ọjọ́rú, ti Tọ́sìdeè àti ti Fúráìdè, n óò bu wọ́n sínú abọ́ ọlọ́mọrí mẹ́ta, n óò jẹ́ kí wọ́n tutù dáadáa, wọn á sì lọ sínú fírísà.

Fírísà yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ni ín, Àlàájà la sì ń pè é. Òun ni àkọ́bí ilé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀, ó gbé fírísà ńlá kan sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹja yìnyín. Ó fún àwa ìyàwó ilé láyè díẹ̀ ní igun kan nínú rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń ti fírísà náà, kọ́kọ́rọ́ á sì wà ní ìdí ìró rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mú nǹkan, òun ló ń ṣí i fún wa, ó sì máa ń wò wá títí a ó fi mú un tán.

Iná àdúgbò wa kò ṣeé gbójú lé. Nígbà mìíràn ó lè wà láti òru títí di ìyálẹ̀ta, kó sì lọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ṣùgbọ́n fírísà tó bá kún, tí wọn kò bá ń ṣí i léraléra, kì í tètè yọ́. A mọ èyí, a sì ń bá a yí.

Ní ọjọ́rú kan, mo ti ilé ìwé dé, mo gba abọ́ ọbẹ̀ kan lọ́wọ́ Àlàájà. Ó dì gan-an bí òkúta. Mo gbé e kaná, mo tọ́ ọ wò, ó kan díẹ̀ lẹ́nu. Mo rò pé tòmátì ni. Àwọn ọmọ ń pariwo ebi, bí ó ti gbóná ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n kò dúró kó hó dáadáa. A fi jẹ ìrẹsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àbíkẹ́yìn mi ti ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ bí omi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kò lè gbé orí sókè. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, ọwọ́ rẹ̀ kéré débi pé nọ́ọ̀sì wá iṣan títí kó tó rí i. Ọjọ́ méjì la lò níbẹ̀. Ọkọ mi àti àkọ́bí mi náà yàgbẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn kò le.

Ọjọ́ Fúráìdè tí a padà sílé, wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, gbogbo ilé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, àbúrò ọkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àlàájà kò jẹ́ kí n dìde.

Ó ní, "Ìyàwó tíṣà, ìwé lo mọ̀, o ò mọ ìkòkò. Oúnjẹ tó ti pé ọjọ́ mẹ́rin lò ń fún ọmọ wa jẹ. Ní ilé tiwa, a kì í se ọbẹ̀ Sátidé de ọjọ́rú. Bí iṣẹ́ ìjọba kò bá jẹ́ kó o ráyè dáná, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa ṣọ́ra, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Èmi pàápàá ti gbà pé èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ gba àwọn abọ́ méjì tó kù kí n lè dà wọ́n nù. Mo gbé ọ̀kan sí orí tábìlì ìdáná, mo ṣí ọmọrí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ọbẹ̀ bá tutù, òróró rẹ̀ á wá sókè, á sì dì pẹrẹsẹ bí abọ́ ṣe jókòó. Pẹrẹsẹ ni mo to abọ́ mi ní Sátidé. Ṣùgbọ́n òróró inú abọ́ yìí dì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ga lápá ọ̀tún, kò sí rárá lápá òsì. Mo ṣí èkejì, bákan náà ni. Ọbẹ̀ yẹn ti yọ́ di omi, wọ́n sì ti dá a padà sínú fírísà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó wá dì níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Iná ò sì lọ pẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹja tó wà níbẹ̀ kò yọ́.

Mo bo abọ́ náà, mo lọ bá ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí a ń pè ní ìyàwó kékeré, ní yàrá rẹ̀. Ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ilé ló máa ń wà lójoojúmọ́. Mo bi í léèrè bóyá ó rí abọ́ mi níta fírísà lọ́sẹ̀ yẹn. Ó tún aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín. Àárọ̀ Mọ́ńdè, bí ẹ ṣe lọ tán, wọ́n gbé páálí ẹja wá fún Àlàájà. Àyè ò gbà á. Àlàájà kó abọ́ yín jáde, wọ́n gbé e sórí àga. Ibẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ kejì tí ẹja díẹ̀ tà. Mo ní kí n sọ fún yín, Àlàájà ní kò sí nǹkan tó máa ṣe é."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sí yàrá mi. Àlàájà ti mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tó ń ṣí fírísà fún mi lọ́jọ́rú, ó mọ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọmọ mi sì sùn lẹ́yìn mi bí aṣọ tútù. N kò sọ fún ọkọ mi. Bí mo bá sọ ọ́, á lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sunkún, ìyá wọn á ní ká dárí jì í, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. N kò fẹ́ kó parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbé abọ́ kankan sínú fírísà yẹn mọ́.

Ìyá àgbà kan wà ní ilé ìwé wa tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Iná ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, igi ló fi ń dáná, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í sì í kan. Mo jókòó tì í ní àkókò ìsinmi, mo bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é.

Ó ní, "Ọbẹ̀ kì í kú fúnra rẹ̀, ìyá wa, èèyàn ló ń pa á. Àárọ̀ àti alẹ́, gbé e kaná kó hó káàkiri, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Bó bá hó tán, má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ mọ́. Má dé e pa nígbà tó bá ṣì gbóná, nítorí òógùn ọmọrí á kán padà sínú rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ṣíbí tó ti kan ẹnu tàbí tó ti kan omi tútù dé inú rẹ̀."

Ó tún ní kí n pín in sí ìkòkò kéékèèké méjì, kí ọwọ́ má kan èkejì títí ti àkọ́kọ́ á fi tán, kí n sì gbé wọn sínú bàsíà omi ní igun tó tutù jù nínú ilé, kí èèrà má bàa débẹ̀. Èyí tó gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kí n má fi ọbẹ̀ kan gbé ọ̀sẹ̀ ró.

Mo tún ọ̀sẹ̀ wa tò. Ọbẹ̀ ata Sátidé dúró sí ọjọ́ Túsìdeè. Ọjọ́rú di ọjọ́ ọ̀rúnlá pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, nítorí ilá tí wọ́n ti sá gbẹ kò bẹ ẹnikẹ́ni fún yìnyín, bí omi bá ti hó, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tọ́sìdeè, ẹ̀wà tí a máa jẹ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ẹ̀wà kì í gbà kí a tọ́jú òun. Fúráìdè, iṣu àti ẹyin. Ìrẹsì, ìwọ̀n tí a lè jẹ lẹ́ẹ̀kan ni mo ń sè. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí gbé ọbẹ̀ kaná. Ìgbà tó ń hó lójú mi ni mo máa ń rántí Àlàájà, lójoojúmọ́, bí ẹni ń gbàdúrà.

Ó tó oṣù márùn-ún kí ọjọ́ mi tó pé.

Àna Àlàájà kan kú ní Ṣakí, ó sì fẹ́ lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ Àìkú, ó kó ẹja wọlé, páálí lórí páálí, nítorí oníbàárà rẹ̀ kan lápá Mápó ti sọ pé òun fẹ́ gba púpọ̀ nínú rẹ̀ fún ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé. Ìdájí Mọ́ńdè ló fẹ́ gbéra, Fúráìdè ni yóò dé. Ó kan ilẹ̀kùn mi nígbà tí mo ń gbé ọbẹ̀ kaná. Ó na kọ́kọ́rọ́ fírísà sí mi.

"Ìyàwó, ìwọ ni mo fọkàn tán nínú gbogbo wọn. O ò ní jí ẹja mi. Má ṣí i fún ẹnikẹ́ni títí màá fi dé."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà. Ọ̀nà á dáa o."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ńlá rọ̀ pẹ̀lú ìjì. Nǹkan bú lápá ibi tí tiransifọ́mà àdúgbò wa wà, iná sì lọ. Ní àárọ̀ Túsìdeè, mo gba ibẹ̀ kọjá lọ wọ ọkọ̀. Ó ti jóná dúdú. Ọkùnrin kan tó dúró níbẹ̀ ní kò lè dín ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó rí òmíràn gbé wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọkọ mi fi ń ránṣọ kò lè gbé fírísà, a ti dán an wò rí.

Àlàájà pè ní ọ̀sán Túsìdeè. "Ṣé iná wà?"

"Kò sí iná, mà. Tiransifọ́mà ló jóná."

"Ṣé o ò ṣí i?"

"N kò ṣí i."

"Má ṣí i rárá. Bí wọn ò bá ti ṣí i, yìnyín inú rẹ̀ á gbé e dé Fúráìdè."

Èmi mọ̀ pé ọjọ́ méjì ni fírísà tó kún lè gbà, bí wọn kò bá fọwọ́ kàn án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú ni òpin rẹ̀. Bí a bá ṣí i ní ọjọ́rú, ẹja náà á ṣì tutù nini, a lè sun gbogbo rẹ̀ lórí iná igi, a lè dín in, oníbàárà Mápó náà á sì gba ẹja sísun dípò tútù. Ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́nu mi, ó wúwo. Mo ní, "Kí ọkàn yín balẹ̀, mà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́rú, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti ń dúró dè mí. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, òun náà ti ń se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣí fírísà yìí. Mo ti wá igi. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, a ó sun ún tán kílẹ̀ tó ṣú. Ata mi àti ẹran mi sì wà níbẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ lé ọmọrí fírísà. Ó ṣì tutù. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi.

Mo ní, "Àlàájà ní kí n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni."

"Wọn ò mọ̀ pé á pẹ́ tó yìí ni."

"Mo sọ fún wọn pé tiransifọ́mà jóná. Wọ́n ní kí n má ṣí i."

Ó wò mí dáadáa. Mo rò pé ó yé e níbẹ̀, nítorí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó igi rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ibí ni ibi kan tí mo ní n óò ti ṣe é lọ́nà mìíràn. Mo lè ṣí i fún un kó mú tirẹ̀, kí n sì tì í padà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù pé bí mo bá rí ẹja náà lójú, ọkàn mi lè rọ̀. Mo lọ sí ìdáná, mo bu ọ̀rúnlá mi tó wà lórí iná fún un, mo sì fún un ní ìdajì ẹja gbígbẹ tí mo tọ́jú. Ó gbà á, ó ní ẹ ṣé, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti abẹ́ fírísà, omi pupa fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Òórùn tẹ̀ lé e. Àárọ̀ Fúráìdè, eṣinṣin ti bò ó, ìyá ọkọ mi sì gbé àga rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí iwájú ilé. Àlàájà kò pè mọ́, fóònù rẹ̀ ti kú ní Ṣakí.

Mo ti wà nílé nígbà tó dé. Òórùn náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ju àpò rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí mo ṣe gbà á. Ó ṣí i. N kò ní ṣàpèjúwe ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo ilé ti jáde, wọ́n fi aṣọ bo imú.

Ó yíjú sí mi. "O jókòó tì í, o ń wò ó títí ó fi rà."

Mo ní, "Ẹ ní kí n má ṣí i, mà."

"O mọ̀ pé á bàjẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ kó abọ́ ọbẹ̀ mi jáde nítorí ẹja yín, tó yọ́, tó kan, tí ẹ dá a padà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì ń wò mí nígbà tí mo ń gbé e lọ fún ọmọ mi. Mo rí bí òróró rẹ̀ ṣe dì. Ẹ tún mú kí n kúnlẹ̀ ní ibí yìí gan-an, ẹ ní n ò mọ ìkòkò."

Ìyá ọkọ mi bọ́ síwájú, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Àlàájà jókòó sórí àpò rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá wọn padà sórí àga rẹ̀ níta.

Àwọn ọkùnrin ilé ló gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, tí wọ́n sin ẹja náà. Wọn ò pè mí, n kò sì yọjú. Mo wọlé lọ bẹ iṣu fún àwọn ọmọ mi. Mo ti ń retí fún oṣù márùn-ún pé inú mi á dùn, inú mi sì dùn lóòótọ́, ó dùn débi pé mo gbé omi iṣu kaná, mo gbàgbé iyọ̀.

Ọkọ mi wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Láti ìgbà yẹn lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Fúráìdè yẹn."

"O ò sọ fún mi."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bú mi. Ilẹ̀ lò ń wò."

Kò bá mi jà. Ó jẹ iṣu rẹ̀, ó jáde lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, n kò bi í, òun náà kò sọ ọ́.

Àlàájà fọ fírísà yẹn pẹ̀lú ọṣẹ, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, òórùn náà kò kúrò nínú rọ́bà ọmọrí rẹ̀. Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n gbé e lọ. Èlùbọ́ ló ń tà báyìí. Kò bẹ̀ mí rí. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. A máa ń kí ara wa láàárọ̀, mo sì ń kúnlẹ̀, nítorí àgbà ni.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo bẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ bá a, mo ní kó máà bínú nípa ata àti ẹran rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Mo gbé ìkòkò méjì dání, mo sì kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí ìyá àgbà ilé ìwé kọ́ mi, láti orí bíbọ ata gbẹ dé orí bàsíà omi. Ó tètè mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi edé gbígbẹ sí ọ̀rúnlá tirẹ̀, ó sì dùn ju tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, iná ti lọ fún ọjọ́ mélòó kan, Àlàájà dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ń wo ìkòkò mi lórí iná.

Ó ní, "Ìyàwó, báwo lo ṣe ń ṣe ọbẹ̀ yìí tí kì í fi í kan?"

Mo ń ro ó lọ́wọ́. Mo jẹ́ kó hó káàkiri, mo yọ ṣíbí kúrò, mo ṣí ọmọrí sílẹ̀ díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ bi ìyàwó kékeré, mà. Òun náà mọ̀ ọ́n."

Ó yípadà, ó sì ń lọ sí yàrá ìyàwó kékeré.